Òǹkọ̀wé Tí Kò Yin Ara Rẹ̀: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Ọ̀rọ̀ Ìṣáájú Sámúẹ́lì Johnson

Ní ọdún 1897, àlùfáà kan ní ìlú Ọ̀yọ́ jókòó, ó kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí ìwé ńlá kan tó ti parí. Sámúẹ́lì Johnson ni orúkọ rẹ̀. Ìwé náà ni ìtàn àwọn Yorùbá tó kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí kò sí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá kan tí kò tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀ ní kíláàsì. Bí olùkọ́ bá sọ̀rọ̀ Ọ̀yọ́ Ilé, ìwé náà ni. Bí a bá fẹ́ kọ nípa ogun Kírìjì, ìwé náà kan náà ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa ló máa ń fo ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀ kọjá lọ síbi tí ìtàn ti bẹ̀rẹ̀. Lónìí, ẹ jẹ́ ká dúró níbẹ̀ díẹ̀, nítorí ohun tí Johnson ṣe níbẹ̀ ni ohun tó ń fún púpọ̀ nínú wa ní wàhálà nígbàkúùgbà tí wọ́n bá ní ká kọ ọ̀rọ̀ ṣókí nípa ara wa.

Ẹ mọ irú ọ̀rọ̀ tí à ń sọ. Wọ́n ní ká mú ìlà márùn-ún tàbí mẹ́fà wá, tí wọn yóò fi sí ẹ̀yìn àpilẹ̀kọ, tàbí tí wọn yóò kà kí a tó gun orí pèpéle, tàbí tí àwọn ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ yóò wò kí wọ́n tó yan ẹnì kan. Bí a bá kọ ọ́ bí àwọn kan ṣe ń kọ ọ́ ní ilẹ̀ òkèèrè, bàbá wa yóò kà á, yóò sì béèrè pé ta ló kọ́ ọ ní ìfọ́nnu. Bí a bá sì rẹ ara wa sílẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé, ẹni tó fẹ́ yan ènìyàn yóò rò pé a kò ṣe nǹkan kan rí. Àárín méjèèjì yìí ni Johnson rìn. A fẹ́ wo bí ó ṣe rìn ín, a sì fẹ́ wo ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yọ̀.

Ká tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ ká rántí pé kì í ṣe pé Yorùbá kórìíra ìyìn. Ta ló ní oríkì tó tiwa? A ní oríkì ènìyàn, oríkì orílẹ̀, oríkì ìlú, oríkì ẹranko, kódà a ní oríkì oúnjẹ. Ohun tí a kò fẹ́ ni kí ẹni tí à ń kì jẹ́ ẹni tó ń ki ara rẹ̀. Ìyá ló ń ki ọmọ ní òwúrọ̀, ìyàwó ilé ló ń ki ọkọ, onílù ló ń ki ọba. Ẹni tí wọ́n ń kì yóò dákẹ́, orí rẹ̀ yóò máa wú. Nítorí náà, ìbéèrè tí Yorùbá máa ń bi ìyìn kò ju ẹyọ kan lọ: ẹnu ta ló ti jáde?

Ẹ wo oníjàálá náà. Bí ó bá dìde láti sun ìjálá láàárín àwọn ọdẹ tí kò mọ̀ ọ́n rí, kò ní bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pé òun mọ ìjálá sun. Ìbà ni yóò kọ́kọ́ jú. Yóò júbà àwọn àgbà, yóò júbà ẹni tó kọ́ ọ ní iṣẹ́. Ní ìrísí, ó ń rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó jókòó síbẹ̀ ti gbọ́ orúkọ ọ̀gá rẹ̀, wọ́n sì mọ ilé tó ti jáde. Bí ọ̀gá náà bá jẹ́ ẹni tí wọ́n mọ̀, ara wọn ti balẹ̀ fún un kí ó tó sun ẹsẹ kan. Ìbà jẹ́ ìrẹ̀lẹ̀, ó sì jẹ́ ẹ̀rí. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí a ṣe ń ka Johnson.

Ta ni Johnson fúnra rẹ̀? Wọ́n bí i ní ìlú Hastings ní Sàró ní ọdún 1846. Ìdílé rẹ̀ wà lára àwọn Yorùbá tí òwò ẹrú gbé kúrò nílé tí wọ́n sì tún padà wá. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n dé Ìbàdàn ní nǹkan bí ọdún 1858. Ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ti C.M.S. ní Abẹ́òkúta, ó padà sí Ìbàdàn láti ṣe olùkọ́, lẹ́yìn náà ó di ajíyìnrere, ó sì di díákónì ní ọdún 1880. Ní òpin àwọn ọdún 1880 ni ó di olùṣọ́-àgùntàn ní Ọ̀yọ́, ibẹ̀ ló sì wà títí ó fi kú ní ọdún 1901. Ní àkókò tí ó fi wà ní Ìbàdàn, ogun kan ń parí, òmíràn ń bẹ̀rẹ̀. Ojú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nǹkan ṣe.

Nǹkan kan tún wà tó ju gbogbo èyí lọ. Nígbà tí ogun Kírìjì láàárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ ti di ohun tí apá ẹnikẹ́ni kò ká mọ́, Gómìnà Moloney ní Èkó rán àwọn àlùfáà méjì ní ọdún 1886 láti gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà lọ bá àwọn tó ń jà. Charles Phillips tó wà ní Oǹdó lọ bá àwọn Èkìtìparapọ̀. Ẹni kejì tó lọ bá Aláàfin àti àwọn Ìbàdàn ni Johnson yìí. Àdéhùn tí wọ́n ṣe ní ọdún náà ló mú kí wọ́n tú ibùdó ogun ká ní oṣù kẹsàn-án. Ẹ rò ó wò: ẹni tó kọ ìtàn ogun náà wà lára àwọn tó bá wọn parí ìjà.

Ní báyìí, bí ó bá jẹ́ pé àwa ni, ibo ni a óò fi ọ̀rọ̀ yẹn sí? Ìlà kìn-ín-ní! “Aṣojú Gómìnà, onílàjà ogun Kírìjì, ògbóǹtarìgì onítàn.” Ẹ wá ka ọ̀rọ̀ ìṣáájú Johnson láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ kò ní rí i níbẹ̀. Kò sọ pé òun gbé ìwé àlàáfíà lọ. Kò sọ iye ọdún tó ti fi gbé Ìbàdàn. Kò sọ ilé-ẹ̀kọ́ tó lọ. Ó kọ orúkọ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀, ó kọ Ọ̀yọ́, ó kọ ọdún. Ó parí.

Kí ló wá fi sí ipò àwọn nǹkan wọ̀nyẹn? Ohun mẹ́ta ni a rí.

Èkíní, ó sọ ìdí tó fi kọ ìwé náà, ó sì gbé ìdí náà kúrò lórí ara rẹ̀. Ó ní kì í ṣe ìfẹ́ pé kí orúkọ òun hàn nínú ìwé ló sún òun ṣe é. Ó ní àwọn àgbàlagbà tó mọ ìtàn ilẹ̀ wa ń kú lọ, òun kò sì fẹ́ kí ìtàn náà bá wọn lọ. Ó tún sọ pé àwọn ọ̀mọ̀wé wa mọ ìtàn àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti ti Róòmù àti ti Gíríìsì, ṣùgbọ́n wọn kò mọ nǹkan kan nípa ti ilé wọn. Títí dé ibí, ẹnikẹ́ni lè sọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ pé òun kò wá òkìkí. Ṣùgbọ́n ẹ wo gbólóhùn kékeré tí Johnson fi sáàárín rẹ̀: ó ní àwọn tó mọ òun dáadáa yóò jẹ́rìí sí i. Ó mú ọ̀rọ̀ náà kúrò lẹ́nu ara rẹ̀, ó fi sí ẹnu àwọn ẹlòmíràn. Ní Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́ ìgbà náà, àwọn tó mọ̀ ọ́n pọ̀. Bí ó bá jẹ́ irọ́ ni, kò ní ṣòro láti já a.

Èkejì, ó sọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wá, ó sì pín in sí ọ̀nà méjì. Ó ní ohun tí òun kọ nípa ìgbà ìwáṣẹ̀, bí àwọn arọ́kìn ṣe sọ ọ́ ni òun ṣe kọ ọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà Aláàfin Abíọ́dún wá, ó ní ẹnu àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú wọn, tàbí àwọn tó bá wọn kópa nínú rẹ̀, ni òun ti gbọ́ ọ. Ẹ kíyè sí i pé kò sọ pé gbogbo ìwé òun ni òtítọ́ pọ́ńbélé. Ńṣe ló fà ìlà sílẹ̀: ẹ̀yìn ìlà yìí, ọ̀rọ̀ àwọn arọ́kìn ni, iwájú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí ni. Ẹni tó bá fa irú ìlà bẹ́ẹ̀ ń sọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Nítorí pé ó sọ ibi tó mọ, ó rọrùn fún wa láti gbà á gbọ́ níbi tí kò fi ìlà sí.

Ẹ̀kẹta ni ó dùn mọ́ wa jù. Gbogbo ìyìn tó yẹ kí ó fi yin ara rẹ̀, àwọn tó fún un ní ìtàn ló kó o fún. Ó dárúkọ mẹ́ta. Èkíní ni David Kukomi, àgbà ìjọ ní Ìbàdàn. Johnson ní ọ̀dọ́mọkùnrin ni Kukomi nígbà ayé Abíọ́dún, ó sì jagun ìgbà náà gẹ́gẹ́ bí ọmọ ogun lásán. Ó ní ènìyàn tí ara rẹ̀ balẹ̀ ni, tí ojú rẹ̀ ń ríran, tí làákàyè rẹ̀ sì pọ̀ gan-an. Èkejì ni Josiah Oni, oníṣòwò tó láyà, tó ti rin ìlú púpọ̀. Ẹ̀kẹta ni Lágúnjú, Tìmì Ẹdẹ, tí gbogbo ilẹ̀ mọ̀ pé ó mọ ìtàn. Ó ní àwọn mìíràn tún wà tí òun kò dárúkọ.

Ẹ ò rí i pé ìbà ni èyí? Oníjàálá wa náà ló tún dìde yìí, ṣùgbọ́n ó wọ aṣọ àlùfáà, ó sì ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Kò sí ọ̀rọ̀ ìyìn kan fún òǹkọ̀wé níbẹ̀, síbẹ̀, bí a bá ti ka àwọn orúkọ yìí tán, a ti mọ̀ pé ẹni yìí jókòó ti ọmọ ogun, ó jókòó ti oníṣòwò, ó jókòó ti ọba, gbogbo wọn sì sọ̀rọ̀ fún un. Ta ni wọn yóò sọ bẹ́ẹ̀ fún bí kò bá jẹ́ ẹni tí wọ́n fọkàn tán?

Ohun kékeré kan tún wà nípa Kukomi. Johnson fi kún un pé òun ni bàbá Àlùfáà R. S. Oyèbọ̀dé. Kí ni èyí wá fún? Kukomi ti kú nígbà tí Johnson ń kọ̀wé, ṣùgbọ́n Oyèbọ̀dé jẹ́ àlùfáà tí àwọn ènìyàn mọ̀. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì lè béèrè lọ́wọ́ ọmọ pé ṣé lóòótọ́ ni bàbá rẹ̀ máa ń sọ ìtàn ogun. Orúkọ kan yìí sọ ẹ̀rí tó ti kú di ẹ̀rí tí a lè yẹ̀ wò.

Àwa náà lè yẹ̀ ẹ́ wò, lẹ́yìn ọdún tó ju ọgọ́rùn-ún lọ. Àwọn onítàn gbà pé nǹkan bí ọdún 1789 ni Abíọ́dún wàjà. Ká sọ pé ọmọ ọdún 15 ni Kukomi nígbà náà. Ní ọdún 1858 tí Johnson dé Ìbàdàn, yóò ti pé ọdún 84. Johnson fúnra rẹ̀ kò ju ọmọ ọdún 12 lọ. Nítorí náà, ohun tó gbọ́ nípa ìgbà Abíọ́dún, ìrántí arúgbó ni, láti ìgbà èwe rẹ̀. Èyí kò sọ ọ́ di irọ́, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí a mọ bí a ṣe lè wọ̀n ọ́n. Kí ló jẹ́ kí ìṣirò yìí ṣeé ṣe? Johnson ló fún wa ní ohun tí a fi ṣe é. Bí ó bá ti kọ ọ́ pé “onítàn tó mọ ìtàn Yorùbá jù lọ ni mí,” kí la óò fi wọ̀n ọ́n? Ìfọ́nnu kò ní òṣùwọ̀n. Òkodoro ọ̀rọ̀ ní.

Ibo wá ni ọ̀rọ̀ àlàáfíà ọdún 1886 wà? Inú ìwé gan-an ni, ní ibi tí ìtàn ti dé ọdún náà. Nígbà tí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ óò rí i pé òǹkọ̀wé kò sọ pé “mo lọ”. Orúkọ rẹ̀ ló ń dá, bí ẹni pé ó ń sọ̀rọ̀ ẹlòmíràn: Àlùfáà S. Johnson lọ síbí, Phillips lọ sọ́hùn-ún. Ó fi ara rẹ̀ sí ipò kan náà pẹ̀lú ẹnìkejì rẹ̀, kò sì fo ara rẹ̀ dá. Ìgbà tí òkodoro bá dé ipò rẹ̀ nínú ìtàn, ó sọ ọ́. Èyí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìrẹ̀lẹ̀ àti ìfarapamọ́. Onírẹ̀lẹ̀ kò fi iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́. Ibi tó yẹ kí iṣẹ́ náà wà ló fi sí, láìfi ata àti iyọ̀ sí i.

Àbúrò rẹ̀, Dókítà Ọbadáyà Johnson, náà tọ ipa ọ̀nà yìí. Ìwé tí Sámúẹ́lì kọ́kọ́ kọ sọnù sọ́wọ́ àwọn tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ní ìlú Òyìnbó. Ọbadáyà ní láti tún un kọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tó ṣẹ́kù. Nígbà tó tún fi ránṣẹ́ ní ọdún 1916, ọkọ̀ Appam tó gbé e bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Jámánì lójú òkun, wọ́n sì gbé ọkọ̀ náà lọ sí Amẹ́ríkà. Ọdún 1921 ni ìwé náà tó jáde. Ọbadáyà lè ti dákẹ́ kí àwọn ènìyàn rò pé gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni Sámúẹ́lì kọ. Kò dákẹ́. Ó ròyìn bí ìwé ṣe sọnù àti bí òun ṣe tún un tò. Ìjẹ́wọ́ yìí lè dín iyì ìwé kù lójú ẹni tí kò ronú jinlẹ̀. Lójú akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn, iyì ló fi kún un.

Ṣùgbọ́n a kò ní tan ara wa. Ibi kan wà tí ìrẹ̀lẹ̀ Johnson ti ṣe òun fúnra rẹ̀ ní jàǹbá. Ọ̀rọ̀ Ọ̀yọ́ ló pọ̀ jù nínú ìwé náà, ojú Ọ̀yọ́ ló sì fi wo púpọ̀ nínú àwọn ìlú yòókù. Ohun tó kọ nípa orírun ipò Ọọ̀ni, àwọn Ifẹ̀ kò gbà á títí dòní. Ní ìlú mìíràn náà, àwọn onítàn ilé dìde láti kọ ìtàn tiwọn, pé kì í ṣe bí Johnson ṣe wí ló rí. A kì í gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá.

Kí ló yẹ kí ọ̀rọ̀ ìṣáájú sọ tí kò sọ? Bàbá Johnson ka ara rẹ̀ mọ́ ìran Aláàfin Abíọ́dún. Òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ ń gbé Ọ̀yọ́, ó ń ṣe àlùfáà níbẹ̀, ó sì ti jíṣẹ́ fún Aláàfin àti Ìbàdàn nígbà ogun. Ó sọ fún wa pé ẹnu àwọn arọ́kìn ni òun ti gbọ́ ìtàn àtijọ́, ẹni tó bá sì mọ̀ pé ààfin Ọ̀yọ́ ni arọ́kìn ń ṣiṣẹ́ fún yóò fura. Ó tún bẹ àwọn òǹkàwé pé òun gbìyànjú láti má ṣẹ ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, kò sọ gbangba pé, “Ọ̀yọ́ ni mo dúró sí tí mo fi ń wo ilẹ̀ yìí.” Bóyá lójú rẹ̀, ẹni tó bá dárúkọ ìran ọba tó ti jáde ń ṣe fáàrí ni. Lójú tiwa, ohun tó jọ ìyìn nígbà mìíràn lè jẹ́ ẹ̀tọ́ òǹkàwé. Tí ẹbí wa tàbí iṣẹ́ wa bá so wá mọ́ ohun tí à ń sọ, a gbọ́dọ̀ sọ ọ́, yálà ó buyì kún wa tàbí kò buyì kún wa.

Ẹ jẹ́ ká wá fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe iṣẹ́. Àpẹẹrẹ tí a fi ọwọ́ ara wa ṣe nìyí. Ká sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ọdún kẹrin kọ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ lórí ẹkún ìyàwó, wọ́n sì ní kí ó kọ ìlà díẹ̀ nípa ara rẹ̀. Ó kọ́kọ́ kọ èyí:

“Ògbóǹtarìgì ni nínú ẹkún ìyàwó. Iṣẹ́ rẹ̀ tó jinlẹ̀ púpọ̀ ti tan ìmọ́lẹ̀ sí àṣà wa, ó sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ tó dáńtọ́ jù lọ.”

Ẹ bi gbólóhùn kọ̀ọ̀kan pé ẹnu ta ló ti jáde. Ẹnu akẹ́kọ̀ọ́ náà ni gbogbo rẹ̀. Ẹ yọ ìyìn kúrò, kí ló kù? Ẹkún ìyàwó nìkan. Ojú tì í, ó pa á rẹ́, ó sì kọ òmíràn:

“Akẹ́kọ̀ọ́ lásán ni, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ nípa ẹkún ìyàwó. Ó mọ̀ pé ohun tí òun mọ̀ kò tó nǹkan.”

Àwọn àgbà ilé yóò rẹ́rìn-ín, wọn yóò ní ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ni. Ṣùgbọ́n òǹkàwé kò rí nǹkan kan mú, bí kò ṣe rí nǹkan kan mú nínú ti àkọ́kọ́. Àwọn méjèèjì ń sọ èrò tí akẹ́kọ̀ọ́ ní nípa ara rẹ̀. Ọ̀kan ga, ọ̀kan rẹlẹ̀. Kò sí èyí tó sọ ohun tó ṣe. Ẹ wá wo ẹ̀kẹta:

“Ó wà ní ọdún kẹrin nínú ẹ̀kọ́ èdè Yorùbá. Láàárín oṣù mẹ́fà, ó gba ẹkún ìyàwó 23 sílẹ̀ lẹ́nu ìyá àgbà márùn-ún ní Ìsẹ́yìn, ó sì fi àmì ohùn sí wọn. Ó ka gbogbo rẹ̀ padà sí àwọn ìyá náà létí, wọ́n sì bá a tún ibi tó ti ṣì wọ́n gbọ́ ṣe. Ọ̀kan nínú wọn ni ìyá tó bí bàbá rẹ̀, òun ló sì mú un lọ bá àwọn mẹ́rin yòókù. Kò tíì ṣe irú iṣẹ́ yìí ní ìlú mìíràn.”

Kò sí ọ̀rọ̀ ìyìn kan níbẹ̀. Síbẹ̀, ta ni yóò kà á tí kò ní fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni yìí? Àwọn ìyá márùn-ún ni Kukomi àti Òní àti Lágúnjú rẹ̀. Kíkà tó kà á padà sí wọn létí ni ohun tí òǹkàwé lè yẹ̀ wò. “Kò tíì ṣe irú rẹ̀ ní ìlú mìíràn” ni ìlà tó fà sílẹ̀, bí Johnson ṣe fa tirẹ̀ sí ìgbà Abíọ́dún. Ọ̀rọ̀ ìyá bàbá rẹ̀ sì ni ohun tí Johnson kò sọ: ó jẹ́ ká mọ̀ pé ọmọ ilé ló lọ, kì í ṣe àjèjì. Ó lè jẹ́ ìdí tí àwọn ìyá náà fi tú ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún un. Ó sì lè jẹ́ ìdí tí wọ́n fi pa àwọn kan mọ́, nítorí pé ọmọ wọn ni. Òǹkàwé ni yóò wọ̀n ọ́n.

Ẹ tún ṣọ́ ìrẹ̀lẹ̀ ayédèrú, nítorí kò jìnnà sí wa. Bí ẹnì kan bá kọ ọ́ pé “pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀ ni mo fi gba ẹ̀bùn akẹ́kọ̀ọ́ tó dára jù,” ẹ̀bùn náà ló fẹ́ kí a rí, ìrẹ̀lẹ̀ kàn jẹ́ aṣọ tó fi bò ó. Ó sàn kí ó kọ orúkọ ẹ̀bùn náà àti ọdún tó gbà á, kí ó sì dákẹ́. Àwọn tó fún un ní ẹ̀bùn ló yìn ín. Òun kàn jíṣẹ́ ni. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ “ẹni àkọ́kọ́” rí. Bí kì í bá ṣe pé a ti wá a dáadáa, ẹni tó ti ṣe é ṣáájú wa lè máa kà á lọ́wọ́.

Johnson kú kí ìwé rẹ̀ tó jáde. Ogún ọdún ló fi wà nínú ibojì kí ẹnikẹ́ni tó lè ra ìwé náà, kò sì gbọ́ ìyìn kan nípa rẹ̀. Láti ìgbà náà, àwọn ẹlòmíràn ló ń kì í. Àwọn olùkọ́ wa ń kì í, àwọn tó ń bá a jiyàn náà ń kì í, nítorí pé ẹni tí a bá ń bá jiyàn fún ọgọ́rùn-ún ọdún kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ. Nígbà tí ẹ bá tún ṣí ìwé náà fún iṣẹ́ àṣetiléwá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fo àwọn ojú ìwé àkọ́kọ́. Ẹ ka orúkọ àwọn mẹ́ta náà sókè.